Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Nítorí Babátúndé

Lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ń tọrọ àfikún àkókò lọ́wọ́ alábòójútó rẹ̀ kì í pẹ́ sú ènìyàn. Ẹni tó bá ti bójú tó àpilẹ̀kọ fún ọdún díẹ̀ lè ka ìlà àkọ́kọ́ kó sì ti mọ èyí tó kù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín. Ara mi kò yá láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná kò sì sí ní àdúgbò wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i, iṣẹ́ náà á dé ọwọ́ yín láìpẹ́. Ọlọ́run á túbọ̀ máa fún yín ní ọgbọ́n àti àlàáfíà." Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Ibà wà nílùú, iná sì ń lọ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n tí alábòójútó bá kà á tán, kí ló mọ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Kò mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Kò mọ ohun tó dì í mú. Kò mọ ọjọ́ tó lè máa retí rẹ̀. Àánú nìkan ni wọ́n tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, àánú kò sì ṣòro ṣe. Á ní, "Kò burú, ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, lẹ́tà yẹn kan náà á tún dé, ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n á ti pààrọ̀.

Lẹ́tà oríṣi kejì wà, òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Láti inú fìlọ́sọ́fì ni màá sì ti mú un, nítorí ibẹ̀ ni ìdádúró ti máa ń wá láti inú èrò fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì lè sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́, tàbí pé oògùn tí òun fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò kò tíì dé láti Èkó, ó sì yé gbogbo ènìyàn. Nínú fìlọ́sọ́fì, kò sí ẹ̀rọ tó ń bàjẹ́. Àlàyé ló ń dà wó. Ẹni tí àlàyé dà wó lé lórí a sì máa tijú láti sọ bẹ́ẹ̀, torí lójú tirẹ̀, ó dà bí ẹni pé òun kò mọ iṣẹ́. Nítorí náà, NẸ́PÀ ni yóò dá lẹ́bi.

Àpẹẹrẹ tí màá lò, mo tò ó pọ̀ láti ara ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ti kọjá níwájú mi. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó ni ín. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń kọ àpilẹ̀kọ fún oyè másítà ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó ń wádìí ni èyí tí àwọn onífìlọ́sọ́fì ti ń bá jìjàkadì fún ìgbà pípẹ́: kí ló mú kí ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún lánàá àti ẹni tó di àgbàlagbà lónìí jẹ́ ẹni kan ṣoṣo? Ara rẹ̀ ti yí padà, ìwà rẹ̀ ti yí padà, ohùn rẹ̀ pàápàá kò jọ ti àná mọ́. Síbẹ̀, a ń pè é ní orúkọ kan náà, gbèsè tó jẹ nígbà èwe kò sì bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Àdéhùn tó bá alábòójútó rẹ̀ ṣe ni pé orí kẹta àpilẹ̀kọ náà yóò dé ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn Oṣù Kẹfà.

Orí kẹta yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Locke kọ́kọ́ tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí òye ọmọ ènìyàn jáde, ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ẹni kan náà kò ní orí tirẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà ló fà á wá. Ní 1693, William Molyneux, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Dublin, kọ̀wé sí i pé kó sọ nǹkan lórí ohun tó ń mú nǹkan jẹ́ ọ̀kan náà. Locke kọ ọ́, ó sì fi sínú àtẹ̀jáde kejì ní 1694. Èmi máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí pé orí ìwé tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn tí ìwé ti jáde ló tó dé.

Ìdáhùn Locke rọrùn láti gbọ́. Ó ní ká fojú inú wo ọmọ ọba kan tí ọkàn rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìrántí ìgbé ayé ààfin, ṣí lọ sínú ara aránbàtà kan lọ́jọ́ tí ọkàn aránbàtà jáde. Ẹni tó jí ní ṣọ́ọ̀bù bàtà yẹn, ta ni? Àwọn aládùúgbò á ní aránbàtà ni, torí ojú rẹ̀ ni wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n lójú Locke, ọmọ ọba ni, òun ló sì máa jẹ́jọ́ ohun tí ọmọ ọba ti ṣe. Ohun tó ń so ènìyàn pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ àná ni pé ó lè mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé "èmi ni mo ṣe é." Locke tilẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ kóòtù ni ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ẹni kan náà: ìyìn àti ìjìyà ló mú kó ṣe pàtàkì.

Ní 1785, Thomas Reid ti ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀ tó da omi tútù sí èyí. Wọ́n na ọmọdékùnrin kan nítorí pé ó jí èso lóko ẹlòmíràn. Ọmọ náà dàgbà, ó wọṣẹ́ ológun, ó gba àsíá ọ̀tá lójú ogun. Nígbà tó gba àsíá, ó ṣì rántí ẹgba tó jẹ. Ó wá darúgbó, ó di ọ̀gágun. Ó rántí ọjọ́ àsíá dáadáa, àmọ́ ẹgba ìgbà èwe ti pa rẹ́ pátápátá lọ́kàn rẹ̀. Tí ìrántí bá ni òṣùwọ̀n, ọ̀gágun àti ọ̀dọ́ ológun jẹ́ ẹnì kan, ọ̀dọ́ ológun àti ọmọ tí wọ́n nà jẹ́ ẹnì kan. Ó yẹ nígbà náà kí ọ̀gágun àti ọmọ náà jẹ́ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun kò rántí ẹgba, nítorí náà òṣùwọ̀n yẹn kan náà sọ pé wọn kì í ṣe ẹnì kan. Ohun kan kò lè rí bẹ́ẹ̀ kó má rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Títí dé ibí, iṣẹ́ ọ̀dọ́bìnrin náà ń lọ geerege. Ohun tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ló wá lẹ́yìn. Ó ti ka Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1991, àti Lékè Adéọfẹ́, àwọn méjèèjì tó fi ọgbọ́n Yorùbá dá sí ọ̀rọ̀ ènìyàn: pé yàtọ̀ sí ara àti ẹ̀mí, orí wà, èyí tí kálukú yàn kó tó wá sáyé. Ó wá rí i pé Locke àti Reid ń jà lórí ìrántí nítorí pé wọn kò mọ̀ nípa orí. Ọ̀gágun lè gbàgbé ẹgba, ṣùgbọ́n orí tó gbé e dé ojú ogun ni orí tó jẹ ẹgba lóko olóko. Orí kan ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yálà ènìyàn rántí tàbí kò rántí.

Láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀ àkúdàáyà. Ta ni nínú wa ni kò gbọ́ ọ rí? Ọkùnrin kan kú ní Ìsẹ́yìn, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe òkú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ará ìlú rẹ̀ kan lọ nájà ní Kánò, ó sì bá a níbẹ̀ tó ń ta aṣọ, tó ti fẹ́ ìyàwó, tó ti bímọ. Bí ojú àwọn méjèèjì ṣe ṣe mẹ́rin, ọkùnrin náà pòórá. Ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé nígbà tó kú, èyí tó kù ló lọ lò níbòmíràn. Ara rẹ̀ wà nínú sàréè ní Ìsẹ́yìn, nítorí náà ara kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni kan náà. Orí rẹ̀ ni, àti ìpín tó bá a wá. Àlàyé náà wuyì. Ó kọ ọ́ tán, ó tún un kà, inú rẹ̀ dùn.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí gbèdéke pé, ó rántí Babátúndé.

Bólájí Ìdòwú ti tọ́ka sí i nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962 pé ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa àtúnwá ní ọ̀nà tirẹ̀: bàbá àgbà kan lè padà wá nínú ọmọ-ọmọ tó ju ẹyọ kan lọ, síbẹ̀ kó ṣì wà lọ́run níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wò ó báyìí. Bàbá àgbà kú. Kí ọdún tó yí po, ọmọ rẹ̀ àgbà bí ọkùnrin n'Íbàdàn, àbúrò bí ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Babátúndé ni àwọn méjèèjì. Tí Babátúndé ti Ìbàdàn bá jẹ́ bàbá àgbà gan-an, tí ti Lọ́ńdọ̀nù náà bá jẹ́ bàbá àgbà gan-an, a jẹ́ pé àwọn ọmọ méjèèjì jẹ́ ẹni kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n èyí tó wà n'Íbàdàn ń ṣàìsàn lónìí, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbá bọ́ọ̀lù. Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan kò lè di méjì kó ṣì jẹ́ ọ̀kan.

Kòńgẹ́ ni èyí ṣe pẹ̀lú kókó tí Derek Parfit ta ní Oxford ní 1971. Parfit ní ká gbà pé wọ́n pín ọpọlọ ẹnì kan sí méjì, wọ́n gbé ìdajì kọ̀ọ̀kan sínú ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì sì jí pẹ̀lú ìrántí àti ìwà ẹni àkọ́kọ́. Èwo ni òun nínú wọn? Ìdáhùn tirẹ̀ ni pé a ń da ara wa láàmú lásán. Ohun tó ṣe pàtàkì, lójú rẹ̀, ni àwọn okùn ìrántí, ìwà àti ìpinnu tó so òní mọ́ ọ̀la. Àwọn okùn yẹn lè pọ̀, wọ́n lè dín kù, wọ́n sì lè nà lọ sọ́dọ̀ ẹni méjì. Jíjẹ́ ẹni kan náà kò ní ìdajì, kò sì ṣeé pín.

Tí ọ̀dọ́bìnrin yìí bá gba ti Parfit, ọ̀rọ̀ Babátúndé tú palẹ̀. Ìrìn bàbá, ojú bàbá, ìbínú bàbá wà lára ọmọ méjèèjì, ìyẹn sì tó. Àmọ́ ìgbà náà ni àlàyé rẹ̀ lórí orí yóò fọ́. Orí kì í pín sí méjì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló kúnlẹ̀ yan tirẹ̀, kódà ìbejì kì í pín orí lò. Tí orí bá ni ohun tó ń sọ ènìyàn di ẹni tó jẹ́, a jẹ́ pé kò sí Babátúndé kankan tó jẹ́ bàbá rẹ̀ ní tòótọ́. Orúkọ ìkẹ́ lásán ni. Tí Babátúndé bá sì ju orúkọ ìkẹ́ lọ, a jẹ́ pé orí kọ́ ni òṣùwọ̀n. Kò lè mú méjèèjì.

Níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí. Àwọn kan á rọra yọ Babátúndé kúrò, wọ́n á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Alábòójútó lè má fura, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò ẹnu, olùdánwò tó ti ìta wá, tó ṣeé ṣe kí òun náà máa jẹ́ Babátúndé, á ṣí ojú ìwé náà, á ní, "Èmi ńkọ́?" Àwọn mìíràn á kọ gbólóhùn kan pé ọ̀rọ̀ yìí ṣì nílò ìwádìí síwájú sí i, wọ́n á fi bo ihò náà mọ́lẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dákẹ́ lọ gbári, kó máa sá fún alábòójútó ní ọ́fíìsì, títí oṣù mẹ́ta á fi kọjá.

Lẹ́tà tí òun kọ nìyí. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ irú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Orí kẹta tí mo ṣèlérí fún ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù yìí kò ní lè pé lọ́jọ́ náà. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ìyẹn títí di ọjọ́ Ẹtì kẹta Oṣù Keje.

"Abala kìíní àti ìkejì, lórí Locke àti Reid, ti parí. Ojú ìwé mọ́kàndínlógún ni, mo sì ti so ó mọ́ ímeèlì yìí. Ẹ lè máa kà á láìdúró de ìyókù, torí ohun tó kù kò ní yí i padà.

"Abala kẹta ló dà rú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti kọ níbẹ̀ pé orí ló ń mú ènìyàn jẹ́ ẹni kan náà, mo sì fi àkúdàáyà gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n Babátúndé méjì lè wà fún bàbá kan, orí kò sì ṣeé pín. Bí mo bá di orí mú, n kò lè sọ pé Babátúndé ni bàbá rẹ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo ti ju orí nù.

"Ọ̀nà tí mo rò ni kí n ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orí ń dáhùn pé ta ló ń gbé ìgbé ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni. Babátúndé ń dáhùn pé kí ló kù lára àgbà tó lọ, ìyẹn sì lè wà lára ẹni púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí okùn tí Parfit ń sọ. Mo ní láti tún apá kẹta ìwé Parfit kà fínnífínní kí n tó lè gbè é lẹ́sẹ̀. Màá fi ọ̀sẹ̀ kìíní kà, màá fi ìkejì kọ, màá fi ìkẹta tún un ṣe.

"Bí àkókò kò bá gbà, mo lè fi abala méjì àkọ́kọ́ ṣe orí kẹta lọ́tọ̀, kí orí àti Babátúndé di orí kẹrin. Bí ẹ bá ti wí ni màá ṣe.

"Mo mọ̀ pé ẹ ti ya ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Oṣù Keje sọ́tọ̀ fún kíka iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo da ètò yín rú."

Ó parí. Kò sí àdúrà níbẹ̀ fún ọgbọ́n sà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ̀ kò sì dín. Èmi gbà pé ọ̀wọ̀ tó wà nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ju ti àdúrà márùn-ún lọ, nítorí ó fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ̀ pé àkókò ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ òun. Ìròyìn búburú ló fi ṣíwájú, ọjọ́ tuntun sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí alábòójútó tó ń ka ímeèlì lórí fóònù láàárín ìpàdé méjì lè má kọjá ìlà kẹta.

Ohun tó gbé lẹ́tà náà ró ni àárín rẹ̀, níbi tó ti sọ ohun tó fọ́. Ẹ kíyè sí i pé ó lè sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́rin. Ẹni tó bá lè sọ ìṣòro rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́rin ti ṣe ìdajì iṣẹ́, alábòójútó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń dá àwọn tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó há sójú ọ̀nà ni pé mo máa ń bi wọ́n pé, "Ojú ìwé wo lo dúró sí?" Ẹni tó há á dárúkọ ojú ìwé, á tilẹ̀ dárúkọ gbólóhùn. Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ á ní òun ṣì ń kàwé kiri.

Àìsàn ńkọ́? Tí àìsàn bá ni ìdí, gbólóhùn kan tó, kí ìwé dókítà sì lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ. Kò pọn dandan kí alábòójútó mọ bí inú ṣe ń run ẹ́. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ, náà kò nílò àlàyé gígùn. Gbogbo wa la wà nílé. Kìkì kí àìsàn tàbí ìyanṣẹ́lódì má wá bo àlàyé tó dà wó mọ́lẹ̀, nítorí ara á yá, yunifásítì á ṣí, àlàyé náà á ṣì wà níbi tó wó sí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tuntun tún ní ohun tó pani lẹ́rìn-ín nínú fún ẹni tó ń kọ̀wé lórí jíjẹ́ ẹni kan náà. Ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kírísítì, wọ́n ní Epicharmus, tó máa ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín, sọ̀rọ̀ onígbèsè kan. Olówó wá gba owó rẹ̀. Onígbèsè ní bí wọ́n bá fi òkúta kan kún òkúta tó wà nílẹ̀, iye rẹ̀ ti yàtọ̀; bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tó ń dàgbà tó sì ń gbó lójoojúmọ́ kì í ṣe ẹni àná. Òun kọ́ ni òun yá owó, ẹlòmíràn ni. Olówó fọ́ ọ létí. Onígbèsè figbe ta. Olówó ní kí ló kàn án? Ẹni tó fọ́ ọ létí ti lọ, ẹlòmíràn ló dúró níbí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò tíì fi èyí tọrọ àfikún àkókò lọ́dọ̀ mi, mo sì ń retí ẹni tó máa gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré lásán. Parfit alára rò ó pé bí okùn tó so ẹni òní mọ́ ẹni ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn bá ti tín-ín-rín, bóyá ìlérí ìgbà náà lè fúyẹ́ díẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò tó sọ okùn ẹnikẹ́ni di tín-ín-rín. Lẹ́tà tó dá ọjọ́ ti gbà, kí orí kẹta tó sọ ohunkóhun, pé ẹni tó ń kọ̀wé ní Oṣù Kẹfà ni wọ́n á bá wí ní Oṣù Keje. Ìdí nìyẹn tí "màá gbìyànjú" àti "láìpẹ́" kò fi dára nínú irú lẹ́tà yìí: wọn kò so ẹnikẹ́ni mọ́ ohunkóhun.

Parfit pàápàá mọ gbèdéke lára. Ní 1981, ó fẹ́ kí All Souls, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Oxford, gbé òun ga sí ipò àgbà olùwádìí. Wọ́n ní ìwé tó tẹ̀ jáde kò tó, wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú di ọdún mẹ́ta. Lábẹ́ ìnira yẹn ni ìwé rẹ̀ fi jáde ní 1984, òun ni ọ̀dọ́bìnrin wa sì fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan tún kà.

Kí n tó sọ ohun tí alábòójútó fèsì, nǹkan kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà pọ̀. Gbèdéke orí ìwé kan, àárín akẹ́kọ̀ọ́ àti alábòójútó ló wà. Ímeèlì kan lè sún un. Gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ fún oyè, ọwọ́ yunifásítì ló wà. Tí ìyẹn bá ti ń sún mọ́lé, "kò burú" tí alábòójútó sọ kò lè gba akẹ́kọ̀ọ́ là. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n á gbà ní ọ́fíìsì àwọn onímásítà, alábòójútó á buwọ́ lù ú, olórí ẹ̀ka náà á buwọ́ lù ú, á sì lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ kì í jókòó lójoojúmọ́. Mo ti rí ẹni tó gba àfikún lẹ́nu alábòójútó lẹ́ẹ̀mejì, tí orúkọ rẹ̀ sì ti kúrò nínú ìwé yunifásítì kó tó mọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin yìí ṣì ní ọdún kan gbáko níwájú, ìdí nìyẹn tí kò fi dárúkọ fọ́ọ̀mù kankan.

Alábòójútó fèsì lálẹ́ ọjọ́ kejì. "Mo ti rí i. Abala kìíní dára. Ti Reid gùn jù, gé e kù. Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe mẹ́ta, torí mo ń rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ kẹta. Má pín orí náà sí méjì. Ibi tí orí àti Babátúndé ti pàdé ni iṣẹ́ rẹ wà. Ìyàtọ̀ tó o fẹ́ ṣe láàárín ìbéèrè méjì yẹn, tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àkúdàáyà tó o gbára lé ní ìṣòro tó ò tíì rí. Nígbà tí ará ìlú rẹ̀ yọ sí i ní Kánò, kí ló dé tó fi sá?"

Ó ka ìbéèrè náà ní àkàtúnkà. Ó sá nítorí pé ó dá ẹni náà mọ̀. Bó bá dá a mọ̀, ó rántí Ìsẹ́yìn. Bó bá rántí Ìsẹ́yìn, òṣùwọ̀n ìrántí ti Locke náà á sọ pé ẹni kan náà ni, láìsí pé ẹnikẹ́ni dárúkọ orí. Àkúdàáyà lè já ara nírọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa pé orí borí ìrántí. Àkúdàáyà tó gbàgbé ibi tó ti wá pátápátá nìkan ló lè ṣe ìyẹn, àwọn ìtàn tó kó jọ kò sì ní irú rẹ̀ nínú.

Ó kọ ìlà mẹ́ta padà láti dúpẹ́, kò sì tọrọ ọjọ́ kankan sí i. Àkúdàáyà kúrò ní abala kẹta, ó lọ sí abala kìíní lẹ́yìn aránbàtà Locke, ojú ìwé méjì péré ni ó sì gbà níbẹ̀.